Àkópọ̀ ìpàdé àyẹ̀wò ikú aláìsàn

Ìbéèrè: Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àkópọ̀ ìpàdé àyẹ̀wò ikú nílé ìwòsàn wa ní Kábà. Báwo ni mo ṣe máa pín in sí ohun tó dá kún un, ẹ̀kọ́ àti ìgbésẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó pa aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹ rí i gbà là; èkejì yìí ló ń bí ẹ̀kọ́ àti ìgbésẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní abiyamọ kan kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ dídà ló pa á. Ohun tó dá kún un ni pé orí pẹpẹ, nínú ooru, ni oṣitósìn, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, wà, nítorí pé kò síná fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ oògùn náà wò, ẹ kọ ọ́ pé “a fura sí i”. Ẹ má kọ “àìbìkítà nọ́ọ̀sì”: ìyẹn kì í fi ohun tí a lè tún ṣe hàn.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: oṣitósìn tí kò sí nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. “Kí gbogbo wa túbọ̀ ṣọ́ra” kì í ṣe ìgbésẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: alábòójútó yàrá oògùn yóò kó oṣitósìn sínú fíríìjì onísólà kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, yóò sì máa kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìpàdé tó kàn ni yóò yẹ ìwé náà wò.

Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn tàbí ti òṣìṣẹ́ tó tọ́jú rẹ̀.