Fọ́múlà wà lórí, ìṣirò ò jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti há gbogbo fọ́múlà físíìsì sórí, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ìṣirò síwájú mi, n kì í mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Dín fọ́múlà híhá kù, kí o máa ka ìṣirò tí wọ́n ti ṣe parí sínú ìwé, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wo èyí: wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè láti orí ilé tó ga ní mítà 25, pẹ̀lú ìyára mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà wo ló máa balẹ̀? Fi 10 ṣe g.

Ẹni tó há fọ́múlà sórí á rántí s = ut − ½gt², á sì fi 25 sí ipò s kíá. Yóò já sí t² − 4t + 5 = 0, èyí tí kò ní ìdáhùn. Fọ́múlà ò ṣẹ̀ o. Mítà 20 péré ni bọ́ọ̀lù yẹn lè fi ga ju orí ilé lọ, ìwọ wá ń béèrè ìgbà tó máa fi 25 ga jù ú lọ.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé á jẹ́ −25 = 20t − 5t². Má tíì sáré kọjá. Kí ló dé tó fi jẹ́ −25? Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé bí ó ṣe yé ọ: orí ilé la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, òkè la fún ní àmì àròpọ̀, ìsàlẹ̀ ní àmì àyọkúrò, ilẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, s kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rìn, bí kò ṣe bí ibi tó parí sí ṣe jìnnà sí ibi tó ti gbéra. Lẹ́yìn náà, t jẹ́ 5 tàbí −1. Kí ló dé tí wọ́n fi ju −1 nù? Wọn ò tíì ju bọ́ọ̀lù nígbà yẹn.

Ní 1989, Michelene Chi, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka irú àpẹẹrẹ báyìí lórí òfin Newton. Àwọn tó padà mọ ìṣirò ṣe jù ni àwọn tó ń ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ara wọn. Àwọn yòókù kàn ń kà á lọ ni, wọ́n sì máa ń rò pé ó ti yé àwọn.

Tó o bá ti ṣàlàyé tán, fi bébà bo ìlà tó kẹ́yìn, kí o ṣe é fúnra rẹ. Bo méjì, títí tí ìbéèrè nìkan á fi ṣẹ́ kù. Tí o bá ti lè ṣe é láìṣíjú wo ìwé, fi àpẹẹrẹ yẹn sílẹ̀. Kíkà á sí i ò tún ní fún ọ ní nǹkan kan. Wá òmíràn tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀.

Gbìyànjú èyí: bàlúùnù ńlá kan ń gòkè ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó ga tó mítà 60, òkúta já bọ́ láti inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló máa fi balẹ̀? 4 ni. Bí o bá rí nǹkan bíi 3.5, a jẹ́ pé o fi òdo sí ipò u nítorí o rí "já bọ́". Òkúta yẹn ń bá bàlúùnù gòkè lọ nígbà tó já, torí náà 5 ni u rẹ̀.