"Ẹ bá mi wọn ilẹ̀ mi": kí ló dé tí sọ́fíyọ̀ fi ń da ìbéèrè bo oníbàárà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ní kí sọ́fíyọ̀ kan wá bá mi wọn ilẹ̀ mi ní Ọ̀bà-Ilé. Dípò kó dá iye tó máa gbà, ó ní ṣé kóun wá pílà àtijọ́ ni, àbí kóun ṣe ìwé tuntun, àbí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ṣé kì í ṣe pé kò mọṣẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Ó mọṣẹ́ ni. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó máa ní "ó ti yá", tí wọ́n á gbowó, tí wọ́n á gbé fóònù yí ilẹ̀ po. Fóònù lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà, bẹ́ẹ̀ mítà kan ṣoṣo ti tó láti dá ìjà aládùúgbò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ìwé sọ́fè yín sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 18 sí 36, ìyẹn 648 ní ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin. Aládùúgbò ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ wọ inú rẹ̀ ní mítà kan. Ẹ sọ pé "ẹ wọ̀n ọ́n", sọ́fíyọ̀ sì ro pé ìwé tuntun lẹ fẹ́. Ó wọn ohun tó bá nílẹ̀, ó tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ aládùúgbò, ó kọ 612. Mítà onígun mẹ́rin 36 ti lọ, ìwé tí ẹ fowó ara yín ṣe ni aládùúgbò yóò sì fi bá yín jà ní kóòtù. Wíwá pílà àtijọ́ lẹ nílò: kó mú nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àtijọ́, kó fi wá ibi tí òpó kọ̀ǹkéré kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà, kó sì fi hàn yín ibi tí wọ́n ti wọlé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á ni, kò tíì yẹ kẹ́nikẹ́ni gbin pílà kankan. Nọ́ńbà inú ìwé olùtà ni wọ́n máa gbé lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí wọ́n fi wo àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà.

Ó dáa bó ṣe ka mẹ́ta sílẹ̀ fún yín. Tó bá bi yín pé "kí lẹ fẹ́ gan-an?", ẹ̀ ń bọ̀ wá sọ pé "kó ṣáà wọ̀n ọ́n" ni. Tó bá ka mẹ́wàá, ẹ ó kàn mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ti sọ pé "aládùúgbò wọ ilẹ̀ mi", kò yẹ kó tún béèrè mọ́.

Èmi ò rí ilẹ̀ yín, nítorí náà mi ò lè yàn fún yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pín in fáwọn ọmọ ni, kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ sì mú ìwé àtijọ́ dání kó tó dá iye.