Ibi tí àmì ohùn ti ṣeé yọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó ń gbé lókè òkun: ọmọ mi ọdún 9 ti ń ka Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àmì orí ọ̀rọ̀ ń dẹ́rù bà á, títẹ̀ ẹ́ lórí fóònù sì ń jẹ mí lákòókò. Èwo ni mo lè yọ tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dàrú?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ lè yọ púpọ̀, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké.

Ìyá mi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àkọ́bí mi: "Ma pe mi." Màmá kì í fi àmì sí nǹkan kan. "Máa pè mí" ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ kà á sí "Má pè mí". Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ṣíwọ́ pípè ni. Màmá náà rò pé ọmọ ti gbàgbé àwọn, ìgbà tí wọ́n fẹjọ́ sùn mí ni àṣírí tú. A ti yanjú ẹ̀, àmọ́ títí dòní, kó tó pe ìyá àgbà, á kọ́kọ́ bi mí bóyá inú wọn dùn.

Àgbàlagbà kankan ò ní ṣi ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ọmọ tiwa lè ṣì í, torí "má" ló ń gbọ́ jù nílé: má sáré, má fọwọ́ kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́jọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn, Yorùbá tó sì ń kù lẹ́nu mi tí mo bá délé, ti ìbáwí ni.

Nílé wa báyìí, "máa" gbọ́dọ̀ ní a méjì, kódà tí kò bá lámì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣọ́ "ó" àti "o", "kò" àti "kó". "Bàbá ní kó wá", àṣẹ ni. "Bàbá ní kò wá", ìròyìn ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jókòó síbì kan náà, nítorí náà ìyókù gbólóhùn ò lè gbà yín. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyẹn: mo yọ àmì, mo wò ó bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn lè gba àyè ẹ̀. "Mo wọ ọkọ̀" kò léwu. "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́" ńkọ́? Ẹ yọ àmì yẹn kí ẹ rí ohun tí baálé ilé máa sọ.

Labalábá, tábìlì, alágẹmọ ò ní ìkejì, ẹ lè kọ wọ́n lásán sí ọmọ tó ti ń pè wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí kò gbọ́ "labalábá" rí ò ní mọ bó ṣe máa pè é, nítorí náà ìwé tó fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ lámì pé. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe ohùn rárá, lẹ́tà ni. Ẹ má yọ ọ́ níbikíbi.

Ti fóònù, ẹ gbé kíbọọ̀dù Yorùbá sí i. Èmi gan-an ṣì ń lọ́ra lórí ẹ̀.