Ohùn yín àti oríkì ilé bàbá wọn

"Ẹ jọ̀ọ́, mo wà lókè òkun, màmá mi wà ní Abẹ́òkúta, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà. Kí ni mo lè kọ sí wọn fún Ọjọ́ Ìyá tí kò ní dà bí èyí tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́?"

Ẹ má kọ ọ́ rárá. Ohùn yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Hústọ̀n, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí Wasáàpù, mo gbàgbé pé màmá mi kò lè kà á fúnra wọn. Ọmọ aládùúgbò ni wọ́n pè kó wá bá wọn kà á lójú àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ọmọ náà sì ń kà á lọ geerege títí ó fi dé ibi tí mo ti ń tọrọ àforíjì pé n kò tíì rí owó páànù tí mo ṣèlérí. Gbogbo agboolé ló gbọ́. Èsì tí mo rí gbà kò ju "Mo ti gbọ́" lọ, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí inú wọn tó rọ̀. Láti ìgbà náà, n kì í da ọ̀rọ̀ owó pọ̀ mọ́ ìkíni. Bí owó bá wà, ó di ọjọ́ kejì.

Ẹ tún bi ẹnìkan nílé léèrè ọjọ́ tí ìjọ wọn ń ṣe é. Áńgílíkà ni màmá mi, Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni tiwọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Àjíǹde, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà níbí, Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Karùn-ún ni. Ní ọdún 2026, 15 oṣù Kẹta ni ti àkọ́kọ́, 10 oṣù Karùn-ún sì ni èkejì. Ọdún kan wà tí mo fi kàlẹ́ńdà ibí ṣe ìṣirò. Màmá mi ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ti jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n sì ti ń wo fóònù láti ìdájí láìrí nǹkan kan. Ní báyìí, agogo mọ́kànlá alẹ́ Sátidé ni mo máa ń fi í ránṣẹ́ láti ibí, nítorí pé agogo márùn-ún ìdájí ló ń lù lọ́dọ̀ wọn.

Oríkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì tún ti ṣìnà. Ọmọ Ìkòyí ni bàbá mi, èyí tí mo sì mọ̀ láti kékeré kò ju ti Èṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn lọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà lé màmá mi lórí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá rẹ lo kì yẹn. Èmi wá dà?" Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Obìnrin kì í torí pé ó lọ ilé ọkọ kó fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀; àwa ọmọ ni a kì í sábà gbọ́ ọ, nítorí pé ilé bàbá wa la dàgbà sí. Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ọ̀fà, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ. Ìlà méjì tó dá yín lójú sàn ju ogún tí ahọ́n yín yóò kọsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá nìyí, kò pé ìṣẹ́jú kan:

"Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ọdún o. Olálọ̀mí, ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ní ẹrù mi wúwo jù ní Ìkẹjà, tí ẹ fọwọ́ ara yín yọ èlùbọ́ kúrò? Ata gígún tí ẹ rọra kì bọ àpò kóòtù mi lọ́jọ́ náà, n kò rí i àfi ìgbà tí òtútù dé. Mo sunkún díẹ̀, mo sì fi se ọbẹ̀. Ẹ ṣeun, màmá mi. Ẹ ṣàdúrà fún mi bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."

Ata yẹn ni kí ẹ wá irú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀yin àti màmá yín nìkan mọ̀. Ẹ má kó ẹkún àárò kún un jù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n mi láti béèrè bóyá àìsàn ń ṣe mí. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé, kì í ṣe nínú ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ohùn tí màmá mi fi dá mi lóhùn lọ́dún náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àdúrà ló kún ibẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó parí, wọ́n wá dákẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ata ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti tán?"