Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: ṣé bàálù òru ni tàbí ti ọ̀sán?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo fẹ́ lọ bá ọmọ mi tó bímọ ní Leeds tọ́jú ọmọ tuntun lóṣù Kẹfà. Bàálù ọ̀sán láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fi ₦80,000 dín sí ti òru. Ṣé kí n mú ti ọ̀sán, kí n lè sùn dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ti òru ni kí ẹ mú, nítorí ₦80,000 yẹn kò ní dúró lọ́wọ́ yín.

Bí bàálù bá máa gbéra laago mọ́kànlá àárọ̀, ó yẹ kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà laago mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó lè fọkàn tán súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó láàárọ̀, nítorí náà ẹ ó sun òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó. Ìrìn náà tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Lóṣù Kẹfà, aago wa àti tiwọn dọ́gba, ẹ ó balẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n tó yẹ ìwé ìrìnnà wò, kí ẹrù tó jáde, aago méje ààbọ̀ ti lù. Ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ fún bíi wákàtí kan láti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow dé ibùdókọ̀ rélùwéè King's Cross, kí ẹ tó wọ rélùwéè lọ sí Leeds fún ohun tó lé ní wákàtí méjì. Bí bàálù bá pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta péré, rélùwéè tó kẹ́yìn lè ti lọ, ẹ ó sì tún sanwó òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ẹ bá mú ti òru, ẹ lè kúrò n'Íbàdàn lọ́sàn-án, kí ẹ balẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ sì dé Leeds lọ́sàn-án. Ẹni tó fẹ́ dúró sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an kì í jèrè bẹ́ẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì kì í sábà fúnni ní yàrá títí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n kàn lè bá a tọ́jú ẹrù ni.

Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tí wọ́n kọ Advance sí lára, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ ó bá balẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí ọmọ yín ra ti aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Owó ọkọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ iṣẹ́ tilẹ̀ máa ń wọ́n jùyẹn lọ.

Ní ti oorun, n kò ní tàn yín. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá lẹ́yìn tí bàálù bá gbéra, wọ́n á sì tanná fún oúnjẹ àárọ̀ kí ó tó balẹ̀, nítorí náà wákàtí mẹ́ta ni oorun náà, tàbí díẹ̀ lé. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má jí yín, kí ẹ sì máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ wíwú.

Àmọ́ bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tí ẹ lè sùn sílé rẹ̀ n'Ìkẹjà, tí ẹnìkan sì máa fi mọ́tò wá gbé yín ní Heathrow nírọ̀lẹ́, ẹ mú ti ọ̀sán.