Ara tó ń yún aboyún láìsú

“Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, ara sì ń yún mi kíkankíkan. Kí ni mo lè fi para, àbí dandan ni kí n lọ rí agbẹ̀bí?”

Kí ẹ tó wá ohun tí ẹ ó fi para, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ń yún yín nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ara sú tàbí kò sú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà nígbà oyún mi kejì, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà oyún àkọ́kọ́, kókó wẹẹrẹ yọ nínú àwọn ìlà tí awọ ikùn mi là sí, ó tàn dé itan, ṣùgbọ́n kò kan ìdodo. Agbẹ̀bí wò ó, ó fún mi ní ìpara, ó ní kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan, ó sì lọ lẹ́yìn ìbímọ. Nítorí náà, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní ọ̀sẹ̀ 33 oyún kejì, mo rò pé ọ̀kan náà ni. Lóru ló ń le jù. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tútù, mo sì ń fi ìyarun ha á títí awọ fi bó, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó sú níbẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ibi tí mo ha. Òrí tí ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi para mú awọ rọ̀, ṣùgbọ́n kò ran ìyún náà, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ti ń wá.

Bí agbẹ̀bí ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé, lára àwọn aboyún kan, omi òróòro kì í ṣàn jáde láti inú ẹ̀dọ̀ bó ṣe yẹ, èròjà inú rẹ̀ a sì máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ mi pọ́n gan-an bí mo tilẹ̀ ń mu omi. Ìgbẹ́ ẹlòmíràn sì lè funfun. Ewu rẹ̀ ni pé bí èròjà náà bá pọ̀ púpọ̀, pàápàá tó bá dé 100 nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọmọ lè kú sínú.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, inú mi sì dùn lásán, torí ìyún lè ṣáájú ohun tí àyẹ̀wò máa fi hàn. Ìyún náà kò dáwọ́ dúró, wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, iye èròjà náà sì jẹ́ 52. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n fi fún mi ní oògùn tó mú mi rọbí ní ọ̀sẹ̀ 38. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ tí ìyún náà fi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé ó lè padà wá nínú oyún mìíràn.

Ìpara kalamáìnì lè tù yín lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àgbo kún un, nítorí òmíràn lè ni ẹ̀dọ̀ lára. Bí ọmọ kò bá mira tó bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí ẹyinjú yín di àwọ̀ ìyeyè, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ì báà jẹ́ òru. Bákan náà ni bí ohun tó ń lé roro bí ibi tí iná jó bá yọ láyìíká ìdodo, nítorí ìyẹn kì í ṣe irú kókó tí mo ní lákọ̀ọ́kọ́.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, ẹ má kàn sọ pé ara ń yún yín. Bí mo ṣe sọ nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ nínú oyún kejì yẹn, tí wọ́n sì ní ara aboyún a máa yún, kí n máa lọ. Ẹ sọ pé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni, pé lóru ló ń le, pé ara kò sú, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti ti omi òróòro.