Bí a ṣe ń bá ọmọ Fiẹtnám kẹ́dùn ikú òbí rẹ̀ ní èdè rẹ̀

Ìbéèrè: “Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Hà Nội ní Fiẹtnám, pàdánù bàbá rẹ̀ lánàá. Ó fi nǹkan bí ọdún 6 jù mí lọ. Mo fẹ́ fi èdè rẹ̀ bá a kẹ́dùn, mo sì ti kọ ọ́ báyìí: Tôi xin lỗi về cái chết của bố bạn. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́. Kò sí àṣìṣe gírámà nínú gbólóhùn náà, ọmọ Fiẹtnám tó bá kà á yóò sì mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò le létí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ la ní láti pààrọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni ìwé tó yẹ kí ẹ kọ yóò ti jáde.

Xin lỗi ló burú jù nínú rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé “pẹ̀lẹ́”, kò ní í lọ́kàn pé òun ló jẹ̀bi. A ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, a sì ń kí ẹni tí òjò pa. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń bẹ̀bẹ̀, tó sì tún fi ń bánikẹ́dùn, mo sì rò pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹ gbà dé orí xin lỗi. Nínú èdè Fiẹtnám, xin ni kí ènìyàn tọrọ nǹkan, lỗi sì ni ẹ̀bi tàbí àṣìṣe, nítorí náà ẹni tó bá kọ xin lỗi ń tọrọ àforíjì ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ wo bí yóò ti rí tí ènìyàn bá ń tọrọ àforíjì nítorí ikú bàbá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbi ọ̀fọ̀ ni chia buồn. Chia ni pípín, buồn ni ìbànújẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ ohun tí àwa ń sọ nígbà tí a bá ní a bá ènìyàn kẹ́dùn; iṣẹ́ tí “bá” ń ṣe lẹ́nu wa ni chia ń ṣe lẹ́nu tiwọn. Tí xin bá wá ṣáájú rẹ̀, tó di xin chia buồn, ẹni tó kọ̀wé ń tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Ẹ lè rí gbólóhùn mìíràn lára òdòdó ìsìnkú wọn, Thành kính phân ưu, tàbí Kính viếng, èyí tó jẹ́ kí ènìyàn wá fi ọ̀wọ̀ kí òkú. Èyí àkọ́kọ́ kò sọ ju chia buồn lọ: phân náà ni pípín, ưu náà ni ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n láti inú èdè Ṣáínà àtijọ́ ni wọ́n ti yá wọn, nítorí náà wọ́n wúwo, wọ́n sì dára fún ìwé tí ilé iṣẹ́ bá fi orúkọ gbogbo yín kọ. Láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, yóò tutù jù. Chia buồn ni kí ẹ dì mú.

Cái chết ló kù. Chết ni kíkú gan-an, láìfi nǹkan kan bò ó. Ẹranko ń chết, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú títì náà, chết máy ni wọ́n ń pè é, gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ̀yin náà kò ní kọ̀wé sí àgbà kan pé ẹ gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kú; ẹ ó sọ pé wọ́n jáde láyé, tàbí pé wọ́n papò dà. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mất ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan sọnù. Qua đời, èyí tó dára jù nínú ìwé, ni kí ènìyàn ré ìgbésí ayé kọjá. Từ trần wà pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí kí ènìyàn dágbére fún ayé, ṣùgbọ́n ìkéde òkú ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìwé ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ tôi àti bạn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní ju ọ̀pọ̀ àlejò lọ, bí ó bá rántí ilé tó ti wá. Tôi ni “èmi” tí kò sọ irú ìbátan tó wà láàárín ẹni méjèèjì. Bạn ni ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́, a sì ń lò ó fún ẹni tí a kò tíì mọ̀ dáadáa. Kò sí ẹ̀gàn nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà, ọjọ́ ọ̀fọ̀ kì í sì í ṣe ọjọ́ ìjìnnà. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ọmọ Fiẹtnám fi ń sọ “èmi” àti “ìwọ”. Anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, em ni àbúrò, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọn kò ní “ẹ” ọ̀wọ̀ bíi tiwa tí à ń fi kún ọ̀rọ̀ ìṣe. Inú orúkọ ẹbí yìí ni wọ́n tọ́jú ọ̀wọ̀ sí. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti fi ọdún 6 jù yín lọ, anh lòun, em sì lẹ̀yin, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Ká ní ẹ̀yin lẹ jù ú lọ, tí ẹ sì jẹ́ obìnrin, ẹ ó pe ara yín ní chị, ẹ ó sì pe òun ní em. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níhìn-ín ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú em, kó sì yí padà sí tôi nígbà tó bá di ìlà kẹta: yóò dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹbí náà. Orúkọ tí ẹ ó fi lé e ni orúkọ tó gbẹ̀yìn, nítorí ìdílé ló ń ṣáájú nínú orúkọ wọn. Ẹni tó bá ń jẹ́ Nguyễn Văn Nam, anh Nam ni, kì í ṣe anh Nguyễn.

Bàbá náà ní orúkọ tó yẹ ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bố ni ará àríwá ń pe bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n fún bàbá ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, bác trai ló bójú mu. Nílé, bác ni ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Trai fi hàn pé ọkùnrin ni, gái sì ni ti obìnrin. Bí wọ́n bá ti darúgbó gan-an, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ lè pè wọ́n ní cụ.

Ẹ wá kọ ọ́ báyìí, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tí mo kọ Nam sí, kí orúkọ tiyín sì tẹ̀lé e nísàlẹ̀:

Anh Nam kính mến,
Em vừa hay tin bác trai qua đời. Em xin chia buồn cùng anh và gia đình. Cầu mong hương hồn bác sớm được an nghỉ. Công việc ở đây anh cứ yên tâm, chúng em sẽ lo. Anh nhớ giữ gìn sức khỏe.

Ohun tó sọ ni pé: Ẹ̀gbọ́n mi Nam ọ̀wọ́n, èmi àbúrò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá jáde láyé. Mo bá ẹ̀yin àti ẹbí yín kẹ́dùn. Mo gbàdúrà pé kí ẹ̀mí bàbá tètè rí ìsinmi. Ní ti iṣẹ́ tó wà níbí, ẹ fọkàn balẹ̀, àwa àbúrò yín yóò bójú tó o. Ẹ rántí láti tọ́jú ara yín. Kò gùn, kò sì yẹ kó gùn jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń wé aṣọ funfun mọ́rí, tó ń gba àlejò tọ̀sán-tòru, kò ní àyè láti ka ìwé gígùn. Ìlà iṣẹ́ yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀yin lè ṣe fún un láti ibi tí ẹ wà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bí ẹ kò bá ní ṣe é.

Cầu mong ni mo fi gbàdúrà, n kò lo chúc. Ẹni tó bá wo chúc yóò rò pé “kí ènìyàn fẹ́ ire fún ẹlòmíràn” ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni, ṣùgbọ́n ire ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti Tết, ọdún tuntun wọn, ni.

Hương hồn pẹ̀lú an nghỉ kò mú ẹ̀sìn kan pàtó lọ́wọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi yàn wọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n, ẹ lè fi siêu thoát rọ́pò được an nghỉ, èyí tó jẹ́ pé kí ẹ̀mí já gbà lọ sókè. Bí ó bá jẹ́ pé Kátólíìkì ni wọ́n, linh hồn ni kí ẹ lò dípò hương hồn, kí ẹ sì fi siêu thoát sílẹ̀ pátápátá. Ìkéde òkú sábà máa ń fi èyí hàn, nítorí orúkọ ẹni mímọ́ bíi Giuse tàbí Maria á ṣáájú orúkọ olóògbé Kátólíìkì. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má fi àdúrà Ọlọ́run wa tì í. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á fẹ́ kọ “kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere”, ṣùgbọ́n ìwé yìí jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe tiwa. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe bá a yọ̀ pé bàbá gbó kó tó lọ. Níbi tiwa, òkú àgbà lè di ìnáwó àti aṣọ ẹbí. Àwọn náà gbà pé ikú àgbà fúyẹ́ ju ti ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ẹbí fúnra wọn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má yọ àmì ohùn kankan kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: buồn ni ìbànújẹ́, buôn ni òwò. Èyí tó léwu jù wà fún àwọn ará gúúsù, tí wọ́n ń pe ìyá wọn ní má, nítorí mả, tó yàtọ̀ ní àmì orí kan ṣoṣo, ni sàréè. Lílò bác gái dípò má tún yọ yín nínú ewu náà, tó bá di ọjọ́ tí ẹ ó kọ irú ìwé yìí nípa ìyá ẹlòmíràn.

Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, kí ẹ má sì retí èsì. Bí iṣẹ́ bá dá yín dúró, ẹ fi Em mới biết tin bẹ̀rẹ̀, “mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni”, kí ẹ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìyókù. Kò tíì pẹ́ jù níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ 49 kò bá tíì pé, nítorí pé títí di ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹbí, pàápàá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ń ṣe ètùtù fún òkú ní ọjọ́ méje-méje. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kún un, àpòòwé funfun ni, kí ẹ kọ Kính viếng àti orúkọ yín sí ara rẹ̀. Àpòòwé pupa jẹ́ ti Tết, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.